Láti yàrá owó báǹkì sí sítọ́ọ̀ oògùn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí títún síífì tò

Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn tó fẹ́ kúrò nínú iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn sábà máa ń bi mí, síífì wọn lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo máa fi dáhùn gbogbo rẹ̀, kí ẹ lè rí bí nǹkan ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká sọ pé arábìnrin kan wà nílùú Ìbàdàn tó ti ṣiṣẹ́ báǹkì fún ọdún 9, tó wá ń wá iṣẹ́ alábòójútó ọjà ní sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn fún àwọn ilé ìtajà oògùn. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ síífì rẹ̀ gan-an nígbà tó bá ń fi ránṣẹ́. Yorùbá ni mo fi kọ àwọn ìlà rẹ̀ síbí, kí ìtumọ̀ wọn lè yé wa dáadáa ká tó ronú nípa èdè.

Kí ló wá burú nínú síífì tí mo ti ń lò bọ̀?

Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ máa bá iṣẹ́ tí ẹ ti mọ̀ lọ. Síífì tó to iṣẹ́ bí ọdún ṣe tẹ̀ léra, tí èyí tí ẹ ṣe kẹ́yìn wà lókè, ń fi yé ẹni tó ń kà á pé ẹ ń gòkè bọ̀ nínú iṣẹ́ kan náà. Arábìnrin wa bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kaṣíà ní oṣù 3 ọdún 2014. Ó di olórí kaṣíà ní oṣù 9 ọdún 2017. Wọ́n gbé e lọ sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn ní oṣù 1 ọdún 2021, ó sì kúrò níbẹ̀ ní oṣù 5 ọdún 2023. Bí báǹkì mìíràn bá rí èyí, wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá sítọ́ọ̀ oògùn kò lè mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun tí yóò kọ́kọ́ rí lókè ni iṣẹ́ ìdí tábìlì: ṣíṣí àkáǹtì, gbígbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, fífún wọn ní káàdì. Kò kan sítọ́ọ̀ rárá. Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jọ ti sítọ́ọ̀ jù lọ ni ìgbà tó jẹ́ olórí kaṣíà, tó ń ṣọ́ yàrá owó, tó ń ka ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ṣùgbọ́n ọdún ti gbé ìyẹn sọ̀ sí àárín ìwé. Ẹni tó ní síífì rẹpẹtẹ lórí tábìlì yóò ti ju tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó kà débẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé ká gbé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe wá sókè, ká wá jẹ́ kí ọdún àti ibi iṣẹ́ tẹ̀ lé e.

Ṣé kí n kúkú yọ ọdún àti orúkọ ibi iṣẹ́ kúrò?

Rárá o. Àṣìṣe tó ń ba irú síífì yìí jẹ́ jù lọ nìyí. Àwọn kan a to ìmọ̀-ọ́n-ṣe mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n a kọ ìlà dáadáa sábẹ́ rẹ̀, kò sì ní sí ibi tí èèyàn ti lè mọ ọdún tí wọ́n ṣe é tàbí ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ti ń gbani síṣẹ́ fúngbà díẹ̀ mọ̀ pé irú síífì bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ fi nǹkan pamọ́ máa ń kọ. Kò ní pè yín wá béèrè. Ẹlòmíràn tí ìwé rẹ̀ ò mú ìfura dání ni yóò pè.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ ni alápapọ̀: ìmọ̀-ọ́n-ṣe lókè, pẹ̀lú ibi àti ọdún ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìtàn iṣẹ́ kúkúrú nísàlẹ̀, tó ní oṣù àti ọdún, tí kò fo ibì kankan. Bí a bá tò ó báyìí, ojú ìwé 2 ti tó fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún 9.

Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má tíì ṣí ojú ewé tuntun. Ẹ mú síífì àtijọ́ yẹn, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe lábẹ́ ipò kọ̀ọ̀kan jáde, títí kan èyí tí ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan. Ipò kan lè ní ìlà 10 tàbí 15. Síífì àtijọ́ sábà máa ń ní ìlà 4 péré, ìlà 4 yẹn sì ni èyí tó dùn mọ́ báǹkì nínú. Ohun tí sítọ́ọ̀ ń wá lè wà lára àwọn tí ẹ kò kọ rí. Bí àpẹẹrẹ, arábìnrin wa kò kọ ọ́ rí pé òun lòun ń ṣírò iye owó tí ẹ̀ka wọn yóò béèrè kí òpin ọ̀sẹ̀ tó dé. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ojoojúmọ́ lásán ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé àwọn ìlà náà sínú tábìlì, nínú Excel tàbí lórí ìwé lásán. Òpó mẹ́ta péré ni yóò ní. Ohun tí ẹ ṣe wà nínú òpó kìíní, ibi tí ẹ ti ṣe é àti ọdún rẹ̀ wà nínú èkejì, ẹ sì fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ lófìfo ná. Ẹ máa rí ìdí tí òpó kejì fi ṣe pàtàkì nígbà tí ìlà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní ipò rẹ̀. Bí ẹ ò bá kọ ibi tó ti wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní báyìí, lẹ́yìn wákàtí kan ẹ lè má rántí mọ́ bóyá ọdún 2016 ni tàbí 2019, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sì lè tú èèyàn fó níwájú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìmọ̀-ọ́n-ṣe tí mo máa fi ṣe àkọlé?

Inú ìpolówó iṣẹ́ lẹ ti máa rí i, kì í ṣe nínú orí yín. Ẹ ka ìpolówó náà, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa ṣe. Ká ní ti sítọ́ọ̀ oògùn wa sọ pé: kí ó máa ka ọjà lóṣooṣù, kí ó sì fi wé ohun tó wà nínú ìwé, kí ó má fi ọjà sílẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ, kí ó mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n béèrè ọjà kí ó tó tán, kí ó máa kó ìwé sílẹ̀ de ọ́díítọ̀. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ bí ẹ bá wò ó dáadáa. Àkọ́kọ́ ni kíkà àti fífi wéra. Èkejì ni ìṣọ́ àti ìwé àṣẹ, nítorí ti ọ́díítọ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mímọ iye tó yẹ kó wà nílẹ̀.

Ẹ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní lẹ́tà, A, B, D, kí ẹ padà sínú tábìlì yín, kí ẹ kọ lẹ́tà tó bá ìlà kọ̀ọ̀kan mu sínú òpó kẹta. Ìlà tí kò bá rí lẹ́tà gbà kò ní bọ́ sábẹ́ àkọlé kankan. Ó máa ń dun èèyàn. Arábìnrin wa gba ìwé ìyìn fún ṣíṣí àkáǹtì tó pọ̀ jù ní ẹ̀ka wọn, ó sì wù ú kó wà lókè. Kò rí lẹ́tà gbà. A lè fi sí ìlà kan nínú ìtàn iṣẹ́ nísàlẹ̀, kò gbọdọ̀ gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí àkọlé kan bá ní ìlà kan péré lábẹ́ rẹ̀, kò tíì tó àkọlé. Ẹ dà á pọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ìbánisọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán" tàbí "ẹ̀mí àjọṣe" ṣe àkọlé. Gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́, kò sì sí ọ̀gá sítọ́ọ̀ tó lè fi ka páálí oògùn.

Ẹ fi hàn mí bí ìlà kan ṣe ń yí padà.

Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta, torí ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà.

Nínú síífì àtijọ́, ìlà kan sọ pé: "Mo ń bá àwọn kaṣíà pa owó ìrọ̀lẹ́ dé." Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ báǹkì mọ ohun tó wà nínú gbólóhùn yẹn. Lálaalẹ́, wọ́n á ka owó tó wà lọ́wọ́ kaṣíà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi wé iye tí kọ̀ǹpútà sọ pé ó yẹ kó wà, bí kò bá sì bára mu, kò sí ẹni tó ń lọ sílé títí wọ́n á fi rí ibi tó ti yà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní sítọ́ọ̀ náà nìyẹn, àfi pé páálí oògùn ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Nítorí náà, lábẹ́ "Kíkà àti fífi wéra", a kọ ọ́ báyìí: "Mo ń ka ohun tó wà nílẹ̀ lójoojúmọ́ fún kaṣíà 5, mo ń fi wé àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà, mo sì ń tọ ìwé padà títí màá fi rí ibi tí ìyàtọ̀ ti wá (olórí kaṣíà, 2017–2020)."

Ìlà kejì sọ pé: "Mo ń ṣe kọ́ọ̀lófà." Kò sí ẹni tó máa mọ̀ ọ́n lẹ́yìn odi báǹkì. Kíka ìwé owó àná lọ́kọ̀ọ̀kan ni, láti rí i pé ọwọ́ ìbuwọ́lù pé, pé iye tó wà lórí ìwé bá ti kọ̀ǹpútà mu, pé ẹni tó fọwọ́ sí i lẹ́tọ̀ọ́ sí i. A gbé e sábẹ́ "Ìṣọ́ àti ìwé àṣẹ": "Mo ń yẹ gbogbo ìwé àná wò ní àárọ̀ fún ìbuwọ́lù, iye àti àṣẹ, mo sì ń kó wọn sílẹ̀ de ọ́díítọ̀." Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ báǹkì ṣe kúrò nínú rẹ̀ láìsí irọ́ kankan. Abẹ́ àkọlé yìí náà ni kọ́kọ́rọ́ yàrá owó bọ́ sí. Èèyàn méjì ló ń mú un, kò sí ẹnì kan tó lè dá wọlé. Sítọ́ọ̀ tó ń tọ́jú oògùn olówó gọbọi yóò mọyì ẹni tí ìyẹn ti mọ́ lára.

Ìlà kẹta ni èyí tí kò kọ rí. Ẹ̀ka báǹkì kì í tọ́jú owó púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì gbọdọ̀ tán kí oníbàárà tó tán. Olórí kaṣíà ní láti mọ̀ pé ìparí oṣù, ìgbà tí owó oṣù ìjọba bá wọlé, àti ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọdún Iléyá kì í ṣe ọjọ́ kan náà. Ó ń wo ohun tó jáde ní oṣù tó kọjá, ó ń ṣírò ohun tí ẹ̀rọ ATM yóò gbà láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Ajé, ó sì ń béèrè owó kí ọkọ̀ tó ń gbé e tó gbéra. Ní sítọ́ọ̀, iye tó ń sọ fún yín pé ó tó àkókò láti béèrè ọjà tuntun ni wọ́n ń ṣírò bẹ́ẹ̀. A kọ ọ́ sábẹ́ "Mímọ iye tó yẹ kó wà nílẹ̀": "Mo ń fi ohun tó jáde ní oṣù tó kọjá ṣírò iye tí ẹ̀ka yóò lò, mo ń béèrè rẹ̀ ṣáájú, pàápàá fún ìparí oṣù àti àsìkò ọdún." Ẹ fi ipò àti ọdún parí ìlà kejì àti ìkẹta yìí náà, bíi ti àkọ́kọ́. Lójú tèmi, ìlà kẹta yìí nìkan tó ohun tí wọ́n á fi pè é.

Mi ò rántí iye gan-an. Ṣé mo lè fojú bù ú?

Ẹ lè fojú bù ú bí ẹ bá lè ṣàlàyé bí ẹ ṣe dé ibẹ̀. Kaṣíà 5 rọrùn láti rántí, torí orúkọ wọn ṣì wà lórí ahọ́n arábìnrin wa. "Mo dín ìyàtọ̀ owó kù ní ìdá 37 nínú 100" kò ṣeé rántí, bí wọ́n bá sì bi í pé báwo ló ṣe ṣírò rẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò wọhò. Ẹ lo iye èèyàn, iye ìgbà, iye ọdún. Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn báǹkì máa ń gbàgbé: ẹ má kọ iye owó tó ń wà nínú yàrá owó, ẹ má sì kọ orúkọ oníbàárà. Àṣírí ibi iṣẹ́ ni, ọ̀gá tuntun tó bá sì rí i yóò máa rò ó pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa tú ti òun náà síta.

Ohun tí mi ò tíì ṣe rí ńkọ́?

Ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ ti ṣe é. Nínú sítọ́ọ̀ oògùn, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kọjá ló ń kọ́kọ́ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dé kẹ́yìn. Oògùn kan wà tó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n òtútù náà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Owó kì í bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ìlà báǹkì tó lè dípò ìmọ̀ yìí. Bí arábìnrin wa bá ti gba ẹ̀kọ́ kúkúrú lórí rẹ̀, kó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀kọ́, pẹ̀lú ọdún. Bí kò bá tíì gbà á, kó fi ibẹ̀ sílẹ̀, kó sì sọ ọ́ nínú lẹ́tà ìbéèrè iṣẹ́ pé òun mọ̀ pé ibí yìí ni òun yóò ti kọ́ tuntun. Ìlà irọ́ kan níbí lè mú kí wọ́n ṣiyèméjì nípa gbogbo ìlà òótọ́ tó kù.

Báwo ni ìtàn iṣẹ́ kúkúrú yẹn ṣe máa rí?

Kó gbẹ, kó sì pé. Orúkọ ipò bó ṣe wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ibi iṣẹ́, ìlú, oṣù àti ọdún:

Òṣìṣẹ́ ìdí tábìlì oníbàárà, báǹkì kan náà, Ìbàdàn. 01/2021 – 05/2023
Olórí kaṣíà (aṣọ́ yàrá owó), báǹkì kan náà, Ìbàdàn. 09/2017 – 12/2020
Kaṣíà, báǹkì kan náà, Ìbàdàn. 03/2014 – 08/2017

Ẹ ò gbọdọ̀ yí orúkọ ipò padà. Bí ẹ bá sọ olórí kaṣíà di "alábòójútó ọjà", ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀wé sí báǹkì láti béèrè yín ni yóò tú. Ẹ lè fi àlàyé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àkámọ́, bí mo ṣe ṣe lókè yìí, ó tán.

Ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ àti ti àgùnbánirọ̀ ń tẹ̀ lé e. Ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn àti ìpínlẹ̀ tí ẹ ti wá kò pọn dandan àyàfi tí ìpolówó bá béèrè wọn. Ẹ nílò àyè náà.

Mo ti jókòó sílé fún oṣù 14. Ṣé títò yìí á bò ó?

Kò ní bò ó, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀. Arábìnrin wa bímọ, ó sì dúró ti ọmọ. Ìlà kan nínú ìtàn iṣẹ́ tó: "06/2023 – 07/2024: ìsinmi láti tọ́jú ọmọ." Ohun tí títò tuntun yìí ń ṣe fún un ni pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti rí kí wọ́n tó rí àlàfo náà. Nínú èyí tó to ọdún nìkan, òun ló kọ́kọ́ ń bá wọn lójú.

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ ka síífì. Ṣé kò ní da tèmi nù?

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń tú síífì palẹ̀ sínú àpótí: orúkọ, ibi iṣẹ́, ọdún, ìmọ̀. Ohun tó sábà ń dà á láàmú ni síífì tí wọ́n pín sí òpó méjì, tí wọ́n fi tábìlì àti àwòrán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Tábìlì òpó mẹ́ta tí ẹ fi ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ bọ́ sínú síífì fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àkọlé ìtàn iṣẹ́ jẹ́ `Work Experience` gẹ́lẹ́, torí pé irú àkọlé tí ètò bẹ́ẹ̀ sábà ń retí nìyẹn. Ẹ tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi `.docx` tàbí PDF tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣeé dà kọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi fóònù ya.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ ṣí síífì náà, ẹ tẹ `Ctrl+A`, lẹ́yìn náà `Ctrl+C`, kí ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú Notepad pẹ̀lú `Ctrl+V`. Bí ọdún bá ti yà kúrò lára ibi iṣẹ́ rẹ̀, tàbí tí ìlà kan bá fò wọ inú òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà náà ṣe lè rí i.

Ìlú Ọba ni mo wà. Ṣé ó ṣeé lò níbẹ̀?

Ó ṣeé lò níbi tí wọ́n bá ti gba síífì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, lẹ ń wá, fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ẹ sábà máa kún, wọ́n á sì béèrè ìtàn iṣẹ́ pẹ̀lú ọdún rẹ̀ àti ohun tó fa àlàfo. Kò sí bí ẹ ṣe lè tún apá yẹn tò. Apá tí wọ́n pè ní `Supporting information` ni àwọn àkọlé yín yóò lọ. Ẹ mú ìwé `Person specification` wọn, kí ẹ sì fi ohun tí wọ́n béèrè níbẹ̀ ṣe àkọlé, bí a ṣe fi ìpolówó ṣe lókè. Ìlà tí ẹ ti kọ kò ní ṣòfò.

Ìgbà wo ni kí n má lò ó rárá?

Bí iṣẹ́ tuntun bá sún mọ́ ti àtijọ́, ẹ fi ọdún tò ó. Bó bá jẹ́ pé ọdún kan péré lẹ ti ṣiṣẹ́, ìlà yín kò tíì tó láti kún àkọlé mẹ́ta. Bí ìpolówó bá sì sọ ní tààrà pé síífì tó to ọdún ni àwọn ń gbà, ẹ ṣe bí wọ́n ṣe wí, kí ẹ fi ìlà 3 tó lágbára jù sókè gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣáájú.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti dára kí n tó fi ránṣẹ́?

Ẹ wá ẹnì kan tí kò ṣiṣẹ́ báǹkì rí. Ẹ fún un ní ojú ìwé kìíní nìkan, kí ó kà á fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì gbà á padà. Ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: irú iṣẹ́ wo ni ẹni yìí ń wá, ibo ló sì ti ṣe ohun tó sọ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe? Bó bá sọ pé iṣẹ́ báǹkì ni, ọ̀rọ̀ báǹkì ṣì pọ̀ jù nínú àwọn ìlà yín. Bó bá mọ̀ pé iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ni, ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tí ẹ ti kọ́ ọ, ẹ ti gbàgbé ibi àti ọdún ní ìparí ìlà. Ẹ padà sí òpó kejì nínú tábìlì yín, kí ẹ mú wọn wá.